Ìpinnu Súpámákẹ́ẹ̀tì Alábọ́ọ́dé: Ìnáwó Kékeré Tàbí Ìyàtọ̀

Ẹni tó ní ṣọ́ọ̀bù méjì tàbí mẹ́ta kì í sábà jókòó ro ọ̀rọ̀ ìnáwó kékeré tàbí ìyàtọ̀ yìí. Ojú rẹ̀ tó gbogbo wọn. Ó mọ ọmọ iṣẹ́ tó ń jí mílíìkì, ó mọ ìyàwó ilé tó máa ń ra páálí Indomie lópin oṣù, bí ọjà bá sì gbówó lórí, òun fúnra rẹ̀ á wọkọ̀ lọ bá alágbàtà dúnàádúrà. Ẹni tó ní igba ṣọ́ọ̀bù náà ti mú ọ̀nà tirẹ̀ tipẹ́. Àárín ni wàhálà wà, lọ́dọ̀ ilé-iṣẹ́ tó ní ṣọ́ọ̀bù mẹ́wàá sí ogún. Ó ti ń sanwó ilé ìkẹ́rùsí, ó ti ra ọkọ̀ akẹ́rù, ó ti gba akọ̀wé owó àti máníjà àgbà, ṣùgbọ́n àwọn tó ń ṣe mílíìkì àti ọṣẹ kò tíì kà á sí oníbàárà ńlá. Ìnáwó àgbà ti dé bá a, agbára àgbà kò tíì bá a dé.

Michael Porter, ọ̀jọ̀gbọ́n ní Yunifásítì Harvard, ló la ọ̀rọ̀ náà mọ́lẹ̀ nínú ìwé kan tó gbé jáde lọ́dún 1980. Lójú tirẹ̀, ohun méjì ni ilé-iṣẹ́ lè fi borí àwọn tó ń bá a du ọjà: kí ìnáwó rẹ̀ kéré ju ti gbogbo wọn lọ, tàbí kí ohun tó ń tà yàtọ̀ débi tí àwọn ènìyàn á fi gbà láti san owó tó pọ̀ sí i. Ó tún ní ẹnìkan lè mú igun kékeré nínú ọjà, kó sì lo ọ̀kan nínú méjèèjì níbẹ̀. Ẹni tó bá ń ṣe díẹ̀ níhìn-ín, díẹ̀ lọ́hùn-ún, àárín ló máa há sí. Àwọn onímọ̀ mìíràn ti bá a jiyàn lórí gbólóhùn ìkẹyìn yìí láti ìgbà náà, mo sì rò pé nínú àwọn iṣẹ́ kan, wọ́n jàre. Ṣùgbọ́n nínú òwò súpámákẹ́ẹ̀tì, níbi tí èrè tó ń bọ́ sọ́wọ́ ẹni kì í sábà ju náírà díẹ̀ lọ nínú ọgọ́rùn-ún, àyè àtiṣe méjèèjì há gan-an ni.

Ohun tí ọ̀pọ̀ ènìyàn máa ń ṣì mú ni pé wọ́n ka ọ̀nà àkọ́kọ́ sí kéèyàn ṣáà máa tajà ní pọ́ọ́kú. Ẹnikẹ́ni ló lè kọ "ẹ̀dínwó" sára pépà, kó lẹ̀ ẹ́ mọ́ ẹnu ọ̀nà láàárọ̀ ọjọ́ Ajé. Ibi tí iṣẹ́ wà ni kéèyàn lè gbé ọjà dé orí pẹpẹ, kó sì tà á kúrò níbẹ̀, pẹ̀lú owó tó kéré ju èyí tí ẹlòmíràn ná lọ. Bí ìnáwó bá kéré lóòótọ́, ọwọ́ olówó ló kù sí bóyá á fi ohun tó ṣẹ́ kù dín owó ọjà kù tàbí á kó o sápò. Bí ìnáwó kò bá kéré, owó òwò fúnra rẹ̀ ni ẹ̀dínwó ń jẹ.

Ẹ jẹ́ ká fi ilé-iṣẹ́ kan ṣe àpẹẹrẹ. Ẹ má ṣe wá orúkọ rẹ̀, orí mi ni mo ti gbé e jáde, ìṣirò rẹ̀ náà kì í ṣe ti ẹnikẹ́ni, àmọ́ ẹni tó bá wà nídìí òwò yìí á dá a mọ̀. Ó ní ṣọ́ọ̀bù méjìlá, èyí tó pọ̀ jù wà ní Ìbàdàn. Mẹ́jọ nínú wọn tóbi, wọ́n ní páàkì, wọ́n ní fíríìsà àti ẹ̀rọ amúlétutù, àdúgbò bíi Bódìjà àti Òkè-Àdó ni wọ́n wà. Mẹ́rin tó kù kéré, ibi tí ọkọ̀ èrò ti ń já èrò ni wọ́n wà, lọ́nà Mọ́níyà àti Ìwó Róòdù. Oríṣi ọjà tó ń tà tó 9,000.

Nínú ₦100 tó bá wọlé lórí kántà, ₦81 ló ń lọ fún àwọn tó kó ọjà fún un. ₦19 ló kù. Owó oṣù gba ₦5. Iná mànàmáná àti dísù gba ₦5. Owó ilé gba ₦2.50. Ọjà tó bàjẹ́, èyí tí ọjọ́ rẹ̀ ti kọjá àti èyí tí wọ́n jí gba ₦1.50. Ọkọ̀, ilé ìkẹ́rùsí àti ọ́fíìsì àgbà gba ₦3. Gbogbo rẹ̀ jẹ́ ₦17, ₦2 péré ló sì bọ́ sọ́wọ́ olówó.

Ẹlòmíràn wá ṣí ṣọ́ọ̀bù sí òdìkejì ọ̀nà, ó ń ta ohun gbogbo ní ₦5 dín. Máníjà pariwo pé kí àwọn náà dín tiwọn kù. Ẹ wo ohun tó máa ṣẹlẹ̀ bí wọ́n bá dáhùn. Ọjà tí wọ́n ń tà ní ₦100 di ₦95, bẹ́ẹ̀ ₦81 ni wọ́n ṣì ń rà á. ₦14 ló kù lórí rẹ̀ dípò ₦19. Owó oṣù kò dín, onílé kò gbọ́ pé ẹ̀dínwó wà, jẹnẹrétọ̀ kò mọ̀. Kí wọ́n tó lè rí ₦2 tí wọ́n ń rí tẹ́lẹ̀, níbi tí wọ́n ti ń ta páálí 100, wọ́n gbọ́dọ̀ ta 136. Bí ìnáwó mìíràn kò bá yí padà rárá nìyẹn, bí òdìkejì ọ̀nà kò bá sì tún dín tirẹ̀ kù lọ́sẹ̀ tó tẹ̀ lé e. Mi ò rò pé àwọn ará àdúgbò kan lè ṣàdédé máa jẹ Indomie àti mílíìkì ní ìdá kan nínú mẹ́ta ju bí wọ́n ti ń jẹ ẹ́ tẹ́lẹ̀ lọ.

Nítorí náà, bí ilé-iṣẹ́ yìí bá fẹ́ tọ ọ̀nà ìnáwó kékeré, kì í ṣe iye owó ni yóò kọ́kọ́ fọwọ́ kàn. Iye oríṣi ọjà ni. Ẹ wo pẹpẹ tòmátò inú ọ̀rá àti alágolo. Oríṣi mẹ́rìnlá ló wà níbẹ̀, bí a bá ka ilé-iṣẹ́ tó ṣe é àti bí ó ṣe tóbi tó. Ká ní ṣọ́ọ̀bù méjèèjìlá ń ta 2,800 páálí lóṣù, 200 páálí ló kan oríṣi kọ̀ọ̀kan. Ẹni tó bá ń ra 200 páálí, ọwọ́ alágbàtà ló ti máa rà á, nígbà mìíràn ọwọ́ alágbàtà alágbàtà. Bí wọ́n bá yọ méjìlá kúrò, tí wọ́n fi méjì sílẹ̀, àwọn oníbàárà kan á bínú lọ. Ká ní títà wálẹ̀ sí 2,400 páálí. Oríṣi kọ̀ọ̀kan wá di 1,200, ìlọ́po mẹ́fà ohun tó ń rà tẹ́lẹ̀. Iye yẹn lè kún ọkọ̀, ọkọ̀ tó bá sì kún ní ẹnu láti bá ilé-iṣẹ́ tó ṣe é sọ̀rọ̀ tààrà.

Ìdí abájọ nìyí tí ilé-iṣẹ́ alábọ́ọ́dé fi lè ra oríṣi ọjà kan ní pọ́ọ́kú ju ẹni tó tóbi jù ú lọ. Ẹni ńlá pín owó rẹ̀ sórí oríṣi mẹ́rìnlá, òun kó tirẹ̀ lé méjì. Ohun tí àwọn ọmọ Albrecht, Karl àti Theo, ṣe ní Jámánì nìyẹn lẹ́yìn Ogun Àgbáyé Kejì, nígbà tí wọ́n gba ṣọ́ọ̀bù ìyá wọn ní ìlú Essen, èyí tó di Aldi lẹ́yìn-ọ-rẹyìn. Ìwọ̀nba ọjà díẹ̀ ni wọ́n ń tà, inú páálí tí ọjà bá wá náà ni wọ́n sì ń fi í sí, wọ́n kàn máa ń gé ojú rẹ̀ ni.

Gígé ojú páálí yìí kì í ṣe ohun kékeré. Ọmọ iṣẹ́ tó ń to agolo níkọ̀ọ̀kan sórí pẹpẹ lè lo ogún ìṣẹ́jú lórí ohun tí ẹni tó gbé odindi páálí kalẹ̀ máa fi ìṣẹ́jú kan ṣe. Ibẹ̀ ni owó oṣù ti ń wálẹ̀. Bí oríṣi bá ti kéré, ṣọ́ọ̀bù kékeré tó, owó ilé wálẹ̀. Bí kò bá sí fíríìsà, jẹnẹrétọ̀ kékeré tó máa tan gílóòbù àti ẹ̀rọ kántà ti tó. Bí ilé-iṣẹ́ wa bá lè mú oríṣi ọjà rẹ̀ wá sí 1,200, ìwé owó rẹ̀ lè rí báyìí: nínú ₦100, ₦87 fún ọjà, torí pé ó ń tà á ní pọ́ọ́kú, ₦3 fún owó oṣù, ₦1.50 fún iná. ₦2 fún ilé. ₦1 fún òfò. ₦2 fún ọkọ̀ àti ọ́fíìsì. ₦3.50 ló kù.

Ó dùn létí, ṣùgbọ́n nílẹ̀ wa níbí, ọ̀nà yìí ní ibi tó dópin sí. Kì í ṣe súpámákẹ́ẹ̀tì kejì ni ẹni tó ń ná owó tó kéré jù lọ láti tajà ní Ìbàdàn, ìyá tó ń pàtẹ ní ọjà Bódìjà ni. Kò tan jẹnẹrétọ̀, kò gba kaṣíà, ọmọ rẹ̀ ló ń bá a gbé ẹrù. Òun ló ń wọn kóńgò ìrẹsì, tó sì tún ń bu èènì lé e. Súpámákẹ́ẹ̀tì tó bá fẹ́ bá a du ata, tòmátò tútù, gàárì àti iṣu, ó ń fi owó ṣòfò ni. Orí ọjà tó ti inú ilé-iṣẹ́ jáde nínú páálí ni ìnáwó kékeré ti lè ṣiṣẹ́: mílíìkì, ṣúgà, òróró onígò, ọṣẹ ìfọṣọ, páḿpásì, mákarónì. Níbẹ̀, ìyá alátẹ náà ọwọ́ alágbàtà ló ti ń rà á, ẹni tó bá ti ilé-iṣẹ́ kó o wá lè lù ú mọ́lẹ̀.

Ọ̀nà kejì ń kọ́? Ìtàn kan wà tó yẹ kí gbogbo alábọ́ọ́dé gbọ́. Ní àwọn ọdún 1960, Joe Coulombe ní ìwọ̀nba ṣọ́ọ̀bù kéékèèké kan ní agbègbè Los Angeles, Pronto Markets ni wọ́n ń pè wọ́n. Àwọn oní 7-Eleven, tó lówó jù ú lọ fíìfíì, ń bọ̀ ní Kalifọ́níà. Irú ọjà kan náà ni wọ́n ń tà. Coulombe mọ̀ pé bí wọ́n bá jọ ń ta ohun kan náà, òun ló máa kọ́kọ́ ṣubú. Ó wá wo àwọn ènìyàn. Lẹ́yìn ogun, ìjọba Amẹ́ríkà ti rán ọ̀pọ̀ ológun lọ sí yunifásítì. Ọkọ̀ òfuurufú Boeing 747 sì ń bọ̀, tó máa jẹ́ kí ìrìn àjò òkè òkun rọrùn. Ó rí i pé irú ènìyàn kan ń pọ̀ sí i: tíṣà, akọ̀ròyìn, olórin, àwọn tó kàwé, tó fẹ́ tọ́ ohun mìíràn wò, ṣùgbọ́n tí owó oṣù wọn kò tó nǹkan. Lọ́dún 1967 ó ṣí Trader Joe's àkọ́kọ́ ní ìlú Pasadena fún wọn, ó ń ta wáìnì, wàràkàṣì, ẹ̀pà olóríṣiríṣi àti kọfí tí wọn kò lè rí níbòmíràn ní iye yẹn. Ó ń san owó tó dára fún àwọn òṣìṣẹ́ rẹ̀ pẹ̀lú, torí pé ẹni tó máa ṣàlàyé wàràkàṣì fún tíṣà gbọ́dọ̀ mọ ohun tó ń sọ.

Ohun tí mo fẹ́ kí a rí nínú ìtàn yìí ni pé Coulombe mọ ẹni tó ń yàtọ̀ fún. Ọ̀pọ̀ súpámákẹ́ẹ̀tì tó bá sọ pé àwọn fẹ́ yàtọ̀, táìlì dídán ni wọ́n máa ń rà, wọ́n á fi amúlétutù kún un, wọ́n á rán aṣọ iṣẹ́ tuntun. Ẹni tó wà ní òdìkejì ọ̀nà lè ra táìlì kan náà láàárín oṣù kan. Ìyàtọ̀ tó lè pa owó gbọ́dọ̀ jẹ́ ohun tí oníbàárà ń wá, tó máa sanwó lé, tí aládùúgbò kò sì lè fi ọ̀sẹ̀ mélòó kan kó jọ.

Ní Ìbàdàn wa yìí, mo rò pé ẹja àti ẹran dídì ló gba ipò àkọ́kọ́. Gbogbo ìyàwó ilé ló mọ ẹja tó ti yọ́ tó tún dì. Yìnyín á dì pa pọ̀ nísàlẹ̀ ọ̀rá, ẹja á rọ̀ níkùn, bí wọ́n bá sì fọ̀ ọ́, ikùn á bẹ́. Ohun tó fà á kò fara sin: olùtajà pa jẹnẹrétọ̀ lálẹ́ kó má baà jó dísù. Fíríìsà gbọ́dọ̀ wà ní nǹkan bí −18°C tọ̀sán-tòru kí ẹja tó lè pẹ́ láìbàjẹ́. Súpámákẹ́ẹ̀tì tó bá ń tan iná mọ́jú, tó so ìwé mọ́ ara fíríìsà, tí ẹni tó wà lẹ́nu iṣẹ́ ń kọ bí ó ṣe tutù tó sí i ní wákàtí méjì-méjì, tí oníbàárà sì lè ka ìwé náà fúnra rẹ̀, ohun tí ó ń tà ti kúrò ní ẹja nìkan. Ó ń ta ìfọ̀kànbalẹ̀. Ẹni tó ní ọmọ kékeré nílé á fi owó kún un.

Ẹ wá wo dísù kan náà tó ń jẹ ₦5 nínú ₦100 ilé-iṣẹ́ wa. Lójú ẹni tó ń tọ ọ̀nà ìnáwó kékeré, òfò ni, kó yọ fíríìsà kúrò, kó sinmi. Lójú ẹni tó ń tọ ọ̀nà ìyàtọ̀, ọjà ni, òun gan-an ni oníbàárà ń rà. Ohun tó burú jù ni ibi tí ilé-iṣẹ́ wa wà báyìí: ó ń sanwó dísù, ó sì ń pa jẹnẹrétọ̀ láago mọ́kànlá òru láti ṣọ́ owó ná. Ó ná owó ẹni tó yàtọ̀, ẹja tirẹ̀ sì ń yọ́ bíi ti gbogbo ènìyàn. Àárín tí Porter ń wí nìyẹn. Nígbà tí wọ́n gbé owó yúnìtì iná fún àwọn tó wà ní Band A láti nǹkan bí ₦68 lọ sí ₦225 ní oṣù kẹrin ọdún 2024, irú ilé-iṣẹ́ bẹ́ẹ̀ ni àlékún owó náà máa dùn jù, torí kò mọ ibi tó ti fẹ́ gbà á padà.

Búrẹ́dì ni èkejì. Búrẹ́dì tí wọ́n ṣe nínú ṣọ́ọ̀bù fúnra rẹ̀, tó ń jáde nínú ààrò láago mẹ́rin ìrọ̀lẹ́ nígbà tí àwọn ènìyàn ń ti ibi iṣẹ́ bọ̀, kì í ṣe torí èrè tó wà lórí rẹ̀ ni wọ́n ṣe ń ṣe é. Mílíìkì lè pẹ́ lọ́sẹ̀ méjì nílé, búrẹ́dì kì í pẹ́. Ẹni tó ń ra búrẹ́dì á padà wá lọ́túnla, bó bá sì dé, á mú ẹyin, á mú bọ́tà, á mú nǹkan dání fún ọmọ. Bí a bá fẹ́ mọ̀ bóyá ó ń ṣiṣẹ́, rìsíìtì ni ká kó jọ. Ká mú gbogbo rìsíìtì tí búrẹ́dì wà nínú rẹ̀ láàárín aago mẹ́rin sí méje, ká wo iye ohun mìíràn tó wà nínú ọ̀kọ̀ọ̀kan, ká fi wé ti àwọn tí kò ní búrẹ́dì. Bí búrẹ́dì bá dá wà nínú èyí tó pọ̀ jù, a kàn dá ilé búrẹ́dì sílẹ̀ ni, kò tíì di ìyàtọ̀ fún súpámákẹ́ẹ̀tì.

Ìwé owó ẹni tó yàtọ̀ lè wá rí báyìí: ₦74 fún ọjà, torí pé ó ń tà á wọ́n díẹ̀, àwọn kan lára ohun tó ń tà sì jẹ́ èyí tó ṣe fúnra rẹ̀, ₦8 fún owó oṣù, ₦6 fún iná, ₦3 fún ilé, ₦3 fún òfò, torí ohun tútù máa ń bàjẹ́, ₦3 fún ọkọ̀ àti ọ́fíìsì. ₦3 ló kù. Ẹ wò ó, kò fi bẹ́ẹ̀ jìnnà sí ₦3.50 ti ọ̀nà ìnáwó kékeré. Ẹni tó bá ń wá ọ̀nà tí èrè rẹ̀ pọ̀ jù kò ní rí ìdáhùn nínú ìṣirò yìí. Ohun tó yẹ kó máa bi ara rẹ̀ ni èwo nínú méjèèjì ni òun lè ṣe débi tí ẹlòmíràn kò ní lè ṣe é tó òun.

Èmi á kọ́kọ́ wo ohun tí wọ́n ti rà tí kò ṣeé tà padà. Ṣọ́ọ̀bù mẹ́jọ tó tóbi, tó ní páàkì, tó ní ibi fíríìsà, kò lè di ṣọ́ọ̀bù onínáwó-kékeré láéláé. Owó ilé wọn nìkan á máa fa ẹni tó fẹ́ ta mílíìkì ní pọ́ọ́kú sẹ́yìn. Lẹ́yìn náà ni mo máa wo àwọn tó ń gbé láàárín rírìn ìṣẹ́jú mẹ́wàá sí ibẹ̀, àti bí wọ́n ṣe ń rajà: ṣé ọkọ̀ ayọ́kẹ́lẹ́ ni wọ́n fi ń wá, tí wọ́n á rajà kún àpò mẹ́ta lópin ọ̀sẹ̀, tàbí wọ́n ń sọ̀ kalẹ̀ nínú mícrà, tí wọ́n á mú ohun méjì, tí wọ́n á sanwó lọ? Rìsíìtì tún ni yóò sọ. Fún àwọn mẹ́jọ yìí, ọ̀nà ìyàtọ̀ ni mo fara mọ́.

Èyí kò wá túmọ̀ sí pé kí wọ́n máa tà á bó ṣe wù wọ́n. Ọjà kan wà tí gbogbo ènìyàn mọ iye rẹ̀ lórí: páálí Indomie, ṣúgà kílò kan, mílíìkì agolo, òróró lítà márùn-ún, ọṣẹ tí wọ́n ń polówó lójoojúmọ́. Wọn kò ju ọgbọ̀n lọ. Orí wọn ni oníbàárà fi ń pinnu pé ibí wọ́n tàbí ibí pọ̀. Kí ọmọ iṣẹ́ kan lọ wo iye wọn lọ́sọ̀ọ̀sẹ̀ ní ṣọ́ọ̀bù òdìkejì, ní ọ̀dọ̀ alágbàtà kan àti nínú ọjà, kó kọ ọ́ sílẹ̀, kí tiwọn má sì fi bẹ́ẹ̀ ga ju ti súpámákẹ́ẹ̀tì tó sún mọ́ wọn lọ. Owó ìyàtọ̀, orí ẹja, ẹran, búrẹ́dì àti oúnjẹ sísè ni kí wọ́n ti wá a. Wọ́n sì gbọ́dọ̀ ṣọ́ra fún ohun òkè òkun. Lẹ́yìn tí náírà já wálẹ̀ ní oṣù kẹfà ọdún 2023, ẹni tí ìyàtọ̀ rẹ̀ jẹ́ wàràkàṣì àti bisikíìtì ìlú òyìnbó rí i pé iye owó ń sá fún oníbàárà. Àlìkámà inú búrẹ́dì náà ti òkè òkun wá, mo mọ̀, ṣùgbọ́n gbogbo oníbúrẹ́dì ni ìyẹn jọ bá.

Àwọn mẹ́rin kéékèèké ń kọ́? Wọ́n lè tọ ọ̀nà ìnáwó kékeré, bí ilé-iṣẹ́ náà bá lè ya wọ́n sọ́tọ̀ pátápátá: orúkọ mìíràn, máníjà mìíràn, ìwé owó mìíràn, 1,200 oríṣi ọjà péré. Ṣọ́ọ̀bù mẹ́rin kò tó láti kún ọkọ̀ tòmátò, nítorí náà wọ́n gbọ́dọ̀ lè di mẹ́wàá kíákíá, bí bẹ́ẹ̀ kọ́, kí wọ́n tà wọ́n. Irú ìyàsọ́tọ̀ bẹ́ẹ̀ ṣeé ṣe: lọ́dún 1979, Theo Albrecht ra Trader Joe's lọ́wọ́ Coulombe. Ẹni tó ń ta ohun ní pọ́ọ́kú ní Jámánì wá ní ṣọ́ọ̀bù oníyàtọ̀ ní Amẹ́ríkà, wọn kò sì sọ ọ́ di Aldi títí dòní.

Ohun tó ń ba méjèèjì jẹ́ kì í wá lọ́jọ́ kan. Ní ọ̀nà ìnáwó kékeré, oníbàárà kan á ní òun fẹ́ oríṣi tòmátò kẹta, máníjà á gbà. Aṣojú ilé-iṣẹ́ ọṣẹ á fún wọn ní fíríìjì ọ̀fẹ́ tàbí pẹpẹ ọ̀fẹ́, wọ́n á gbà. Lẹ́yìn ọdún méjì, 1,200 ti di 2,500, òkùtà ti kún ilé ìkẹ́rùsí, ọmọ iṣẹ́ tún ti ń to agolo níkọ̀ọ̀kan. Nítorí náà, iye oríṣi ọjà ni kí wọ́n máa kà lóṣooṣù, kí òfin sì wà pé bí ọ̀kan bá wọlé, ọ̀kan gbọ́dọ̀ jáde. Ní ọ̀nà ìyàtọ̀, akọ̀wé owó ló máa ń bẹ̀rẹ̀ rẹ̀. Á yọ ẹni kan kúrò nídìí ààrò, á yọ ẹni kan nídìí ẹja, á ní kí wọ́n dín wákàtí jẹnẹrétọ̀ kù. Ìwé owó oṣù yẹn á dára. Àwọn oníbàárà kò ní wí nǹkan kan, wọ́n kàn máa dẹ́kun ríra ẹja níbẹ̀ ni. Booths, tó ní ṣọ́ọ̀bù tí kò tó ọgbọ̀n ní àríwá ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì, tó sì ti wà láti 1847, kéde ní ìparí ọdún 2023 pé àwọn ń yọ ẹ̀rọ tí oníbàárà fi ń sanwó fúnra rẹ̀ kúrò ní gbogbo ṣọ́ọ̀bù àwọn àfi méjì, kaṣíà ló máa padà sídìí kántà. Ẹ̀rọ yẹn ń dín owó oṣù kù lóòótọ́, àmọ́ ìtọ́jú láti ọwọ́ ènìyàn ni Booths ń tà.

Kí wọ́n tó gbé gbogbo ṣọ́ọ̀bù lọ, kí wọ́n fi méjì dán an wò, ọ̀kan nínú àwọn ńlá, ọ̀kan nínú àwọn kéékèèké. Oṣù mẹ́fà kò pọ̀ jù. Kí wọ́n má sì fi oṣù Kejìlá ṣe é, torí owó Kérésì máa ń jẹ́ kí gbogbo ọgbọ́n dà bí ọgbọ́n. Oṣù Kìíní náà, owó ilé-ìwé ọmọ ti kó gbogbo ènìyàn lápò. Láti oṣù Kejì lọ sí oṣù Keje ni kí wọ́n kó rìsíìtì jọ, kí wọ́n kọ́kọ́ wo iye ọjọ́ tí ọjà kọ̀ọ̀kan fi ń pẹ́ lórí pẹpẹ ní ṣọ́ọ̀bù kékeré, kí wọ́n sì wo iye rìsíìtì tó ní ẹja, ẹran tàbí búrẹ́dì nínú ní ṣọ́ọ̀bù ńlá, oṣù dé oṣù.